Fáìlì 412 tí kò dé ilé tuntun

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2025, ni ọmọ ọlọ́dẹ kan pe Àǹtí láti Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ti papòdà, wọ́n máa sin ín ní ọjọ́ 28, ó sì fẹ́ kí ohùn bàbá náà dún níbi ìsìnkú. A ti gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá yìí ní ọdún 2016. Àǹtí ní kó fọkàn balẹ̀, kó fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ṣí àkáǹtì tuntun wa, ó rí fódà `Ìsẹ́yìn`, ó tẹ̀ ẹ́. Fódà ṣí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi wo nǹkan."

Ẹni mẹ́ta péré ni wá níbi iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn. Àǹtí ló ni iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gba ohùn àwọn oníjàálá, àwọn asunrárà àti àwọn ìyá tó mọ ẹkún ìyàwó sílẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ ìpamọ́ fáìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí a ti parí ẹjọ́ náà láàárín ara wa. Lẹ́tà ẹ̀sùn tí a kọ sí wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí, àti bí a ṣe rí ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀, torí ọjọ́ mẹ́ta gbáko la kọ́kọ́ fi ráhùn lásán kí a tó jókòó kàwé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo la ń lò tẹ́lẹ̀, lórúkọ Àǹtí. Ilé-iṣẹ́ náà wá ní kí a bọ́ sí àkáǹtì oníléeṣẹ́ kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa wọlé, pé àwọn fúnra wọn ni yóò bá wa kó ẹrù láti ilé àtijọ́ sí ilé tuntun. A sanwó ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7, ímeèlì dé pé `Migration complete`. Bí ímeèlì yẹn ṣe dé ni wọ́n ti ilẹ̀kùn àkáǹtì àtijọ́ pa, a ò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ímeèlì náà tí kò sẹ́ni tó kà á nínú wa: wọn yóò pa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́ pátápátá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ 7 oṣù Kejì, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ló bọ́ sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ọjọ́ yẹn ló ń sá lọ.

Ẹ ó béèrè pé ṣé a ò ní ẹ̀dà míì ni. A ní in, ó sì bàjẹ́. Háádì kan tó ní gbogbo iṣẹ́ ọdún 2014 sí 2019 nínú já bọ́ lórí tábìlì ní ọdún 2022, kò sì gbéra mọ́ láti ìgbà náà. Láti ọdún yẹn wá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni àwọn fáìlì yẹn wà. Ẹ̀bi wa nìyẹn, ẹ̀bi mi gan-an, mi ò sì fi pamọ́ nínú lẹ́tà.

Ní ọjọ́ 18 yẹn kan náà, mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n tún ojú ìwé ṣí, kí n wo apá ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ máa ń wà, kí n wo bóyá àkáǹtì míì ni mo wọ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, pàbó. Ó ní òun yóò gbé e dé iwájú. Ní ọjọ́ 20, wọ́n ti tíkẹ́ẹ̀tì náà pa pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Mo ṣí òmíràn. Ẹlòmíràn dáhùn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló sì yí gbogbo nǹkan padà: ó ní àkọsílẹ̀ àwọn fi hàn pé wọ́n kó ẹrù náà parí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wa ló pa fáìlì náà rẹ́.

Inú Àǹtí ru. Ó ní kí n gbé bébà wá, òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́, kí n máa kọ. Ojú ìwé méjì la kọ. Ìtàn wà nínú rẹ̀, omijé wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà tó ti kú tí a ò lè rí gbà sílẹ̀ mọ́ wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ẹni tó bá kà á lè yẹ̀ wò. "Fáìlì wa pọ̀ tó sọnù" la kọ. Mélòó? Èwo? Ọjọ́ wo la rí wọn kẹ́yìn? Mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ Ẹtì nìkan, kí n lọ kà á ná.

Ohun tó yọ wá, èèṣì ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, kí a tó sanwó, Àǹtí fẹ́ mọ bí ẹrù wa ṣe wúwo tó kó lè mọ àkáǹtì tí yóò rà. Mo fi `rclone`, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń bá ènìyàn ka fáìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ka gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì àtijọ́ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kan, mo sì fi ránṣẹ́ sí Àǹtí nínú ímeèlì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù nínú gbogbo ẹjọ́ yìí, nítorí pé a ṣe é kí ìjà tó dé, ọjọ́ tí ímeèlì náà lọ sì wà lára rẹ̀. Ìwé tí a bá kọ lẹ́yìn tí nǹkan ti sọnù, ẹnikẹ́ni lè ní a hùmọ̀ rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21, mo ka àkáǹtì tuntun lọ́nà kan náà:

```
rclone lsf -R --files-only --format hsp atijo: | sort > atijo.txt
rclone lsf -R --files-only --format hsp titun: | sort > titun.txt
```

Ìlà kìíní ni ti ọjọ́ 3, ìkejì ni ti ọjọ́ 21. Lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé `--format` ló ń sọ ohun tí a fẹ́ kó kọ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan: òǹtẹ̀ rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àti ibi tó wà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Òǹtẹ̀ MD5 ni mo ń sọ, nọ́mbà gígùn tí a ń ṣírò láti inú ohun tó wà nínú fáìlì. Bí wọ́n bá yí orúkọ fáìlì padà, òǹtẹ̀ kò yí. Bí ohùn inú rẹ̀ bá yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òǹtẹ̀ yí. Nítorí náà òǹtẹ̀ ni mo fi wé ara wọn, mi ò fi orúkọ ṣe é:

```
cut -d';' -f1 atijo.txt | sort -u > a.txt
cut -d';' -f1 titun.txt | sort -u > t.txt
comm -23 a.txt t.txt > aito.hash
grep -F -f aito.hash atijo.txt > aito.txt
wc -l aito.txt
```

Ó mú 412 wá. Fáìlì 2,318 ló wà ní ilé àtijọ́, 1,906 ló dé. Nínú gígábáìtì 187, gígábáìtì 38 ló sọnù. Ọ̀nà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, wákàtí kan máa ń gba bíi gígábáìtì kan àti díẹ̀ lé, nítorí náà ohun tó sọnù tó wákàtí 36. Àǹtí gbọ́ 36 yẹn, ó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ ojú ìwé alábòójútó àkáǹtì tuntun, mo wá ìròyìn ìkẹ́rù tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn kọ. Lókè ni `Completed` wà, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé. Ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti bá èyí:

```
Discovered: 2318
Transferred: 1906
Skipped: 412 (source_not_found)
```

Mo rẹ́rìn-ín, Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Nọ́mbà tiwọn àti tiwa bá ara wọn mu géérégé. Àwọn tó ní àwa la pa fáìlì rẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn láti ọjọ́ 7 pé àwọn fo 412. Wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó ni. Bí ẹ bá ní irú ẹjọ́ báyìí, ẹ má gba ọ̀rọ̀ `Completed` gbọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ ti dé òpin ìwé tó ń kà. Bóyá ẹrù dé tàbí kò dé, ìyẹn kọ́ ló ń sọ.

Ó wá ku pé kí ló dé tó fi jẹ́ 412 wọ̀nyí, tí kì í ṣe òmíràn. Mo tẹ `aito.txt` jáde, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ sísàlẹ̀. Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹkún Ìyàwó. Gbogbo ọ̀nà fáìlì ló ní lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Mo rò pé mo ti mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwọn tó dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún níbẹ̀ náà ló ní ọ, ẹ àti ṣ, wọ́n sì dé láìsí àléébù. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín `Ọ̀yọ́` tó dé àti `Ọ̀yọ́` tí kò dé?

Ọdún ni ìyàtọ̀. Àwọn tí kò dé, láti ọdún 2014 dé 2019 ni gbogbo wọn, àsìkò tí Àǹtí ń lo kọ̀ǹpútà Máàkì kan tó ti kú báyìí. Àwọn tó dé, a fi Wíńdóòsì gbé wọn sókè lẹ́yìn ìgbà náà, tàbí kó jẹ́ pé ti Máàkì ni wọ́n ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan, lókè tàbí nísàlẹ̀, lára lẹ́tà inú orúkọ wọn.

Lẹ́tà ọ tí ẹ ń wò yìí, ọ̀nà méjì ni Yúníkóòdù gbà kọ́ kọ̀ǹpútà láti kọ ọ́. Nínú ọ̀nà kan, odindi lẹ́tà kan ni, àmì ìsàlẹ̀ ti mọ́ ọn lára. NFC ni wọ́n ń pè é. Nínú ìkejì, o lásán ni a kọ́kọ́ kọ, kí àmì ìsàlẹ̀ tó wá bá a gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tó dá dúró, NFD nìyẹn. Ẹ wo báìtì wọn:

```
NFC  e1 bb 8d
NFD  6f cc a3
```

Lójú ènìyàn, ọ kan náà ni. Lójú sáfà tó ń fi báìtì wá fáìlì, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n: ẹ pe Táíwò títí, Kẹ́hìndé kò ní dáhùn. Irú Máàkì tí Àǹtí ń lò, tó ń fi HFS+ to fáìlì, NFD ló fi ń pa orúkọ mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ gbé e sókè, ilé-iṣẹ́ náà sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó wá kó ẹrù ka orúkọ náà, ó yí i sí NFC, ó fi èyí tó yí lọ béèrè fáìlì lọ́wọ́ sáfà àtijọ́. Sáfà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kọ `source_not_found`, ó fò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Fódà tí Àǹtí ṣí tó ṣófo, ẹ̀rọ ti fi orúkọ NFC dá a ní ilé tuntun kó tó lọ wá ohun tí yóò kó sínú rẹ̀.

Ìméfò ṣì ni ní àkókò yẹn, mo ní láti dán an wò. Báìtì méjì `cc a3` kì í wà nínú orúkọ tí a fi NFC kọ. Àmì ohùn lókè lè dá dúró níbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ kì í dá dúró. Mo béèrè pé ìlà mélòó ló ní in nínú ìwé ọjọ́ 3:

```
LC_ALL=C grep -c $'\xcc\xa3' atijo.txt
LC_ALL=C grep -c $'\xcc\xa3' aito.txt
```

Ìkínní dáhùn 412. Ìkejì dáhùn 412. Nínú 2,318, gbogbo ẹni tó ní àmì yẹn ló sọnù, kò sì sí ẹlòmíràn tó sọnù pẹ̀lú wọn. Kò sí ọmọ aráyé tó lè fi ọwọ́ yan fáìlì pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ojú kò lè rí ìyàtọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "bóyá ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́" ti kú.

Àfikún kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹni kejì tó dá wa lóhùn, ó ní lọ́jọ́ iwájú kí a má lo lẹ́tà àjèjì nínú orúkọ fáìlì. Àǹtí ní, "Àjèjì sí ta ni? Orúkọ ìlú bàbá mi nìyẹn."

A kọ lẹ́tà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá níbí, mo yọ nọ́mbà àkáǹtì àti ti tíkẹ́ẹ̀tì kúrò.

*Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2025.*

*Sí ẹ̀ka ẹ̀sùn.*

*Orí ọ̀rọ̀: Ẹ má pa àkáǹtì wa àtijọ́ rẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, fáìlì 412 kò dé àkáǹtì tuntun.*

*Ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé kí ẹ dá pípa àkáǹtì àtijọ́ wa rẹ́ dúró lónìí, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún wa, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, pé ẹ ti dá a dúró àti títí di ọjọ́ wo. A kò ní ẹ̀dà mìíràn fún àwọn fáìlì yìí. Bí ọjọ́ 9 bá kọjá láìjẹ́ pé ẹ dá a dúró, ohun yòówù tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà kò lè dá wọn padà.*

*Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, a san owó àkáǹtì oníléeṣẹ́, ẹ sì gbà láti kó fáìlì wa. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fáìlì 2,318 ló wà nínú àkáǹtì àtijọ́ (Ẹ̀rí A: àkọsílẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ MD5, nínú ímeèlì tó lọ ní ọjọ́ náà). Ní ọjọ́ 7, ẹ kọ̀wé pé ẹ ti kó o parí, ẹ sì ti àkáǹtì àtijọ́ pa mọ́ wa (Ẹ̀rí B). Láti ìgbà náà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè dé ibẹ̀.*

*Ní ọjọ́ 18, a rí i pé fáìlì ò pé, a sì fi tó yín létí lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 20, ẹ ti tíkẹ́ẹ̀tì kìíní pa, ẹ sì sọ nínú ìkejì pé ó ṣeé ṣe kí a ti pa fáìlì náà rẹ́ fúnra wa (Ẹ̀rí D: ọ̀rọ̀ inú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì). A kò gba èyí, ìdí sì nìyí. Ìròyìn ìkẹ́rù tiyín, tí a gbà láti ojú ìwé alábòójútó ní ọjọ́ 21, sọ pé ẹ rí 2,318, ẹ kó 1,906, ẹ sì fo 412 nítorí `source_not_found` (Ẹ̀rí E). Kíkà tiwa, tí a fi òǹtẹ̀ ṣe, mú 412 kan náà wá (Ẹ̀rí Ẹ: orúkọ, ìwọ̀n àti òǹtẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan). Àkọsílẹ̀ ìṣe inú àkáǹtì tuntun, láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 21, kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́ (Ẹ̀rí F).*

*Gbogbo 412 yìí ló ní báìtì `cc a3` nínú ọ̀nà wọn, kò sì sí ìkankan nínú 1,906 tó dé tó ní in. A gbà pé ẹ̀rọ yín yí orúkọ láti NFD sí NFC kó tó béèrè fáìlì. Bí ìdí mìíràn bá wà, ẹ sọ ọ́ fún wa.*

*A ń béèrè pé kí ẹ tún 412 náà kó pẹ̀lú orúkọ wọn bí báìtì wọn ṣe wà. Kí ẹ fi ìwé sọ ohun tó fà á. Kí ẹ sì dá owó àkáǹtì padà fún àsìkò tí fáìlì wa kò fi pé. Ohùn àti orúkọ àwọn ènìyàn tó wà láàyè wà nínú àwọn fáìlì náà. Òfin Ààbò Déétà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka pípàdánù irú èyí mọ́ ohun tó lè jẹ́ ìrúfin ààbò déétà. Bí a kò bá gbọ́ ohunkóhun títí ọjọ́ 26, a óò gbé Ẹ̀rí A sí F lọ síwájú àjọ tó ń mójútó òfin náà àti àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà.*

Lẹ́tà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí ní ó ti gbẹ jù. Mọ̀lẹ́bí wọn kan tó jẹ́ lọ́yà fẹ́ kí a to òfin mẹ́rin síbẹ̀. Ẹyọ kan ni mo fi sílẹ̀, torí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí kì í ṣe lọ́yà, ẹni tó lè tẹ bọ́tìnì ni. Mo sì fi ìbéèrè àkọ́kọ́ sí orí ọ̀rọ̀ gan-an, kí ẹni tí kò bá kà ju orí ọ̀rọ̀ lọ ṣì mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Bí a bá fi owó ṣáájú, owó ni wọ́n á máa bá wa ṣàríyànjiyàn lé lórí títí ọjọ́ 9 á fi dé.

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 26, láti ọwọ́ ẹnì kan tó hàn gbangba pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe. Ìlà mẹ́rin péré. Wọ́n ti dá a dúró títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ 20. Ní ọjọ́ 28, wọ́n sin bàbá Ìsẹ́yìn. Àǹtí rí ìṣẹ́jú méjì ohùn rẹ̀ lórí fóònù àtijọ́ kan, òun ni wọ́n gbé sẹ́nu ẹ̀rọ lójú agbo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé pé ohun tí a sọ nípa NFC ló fà á lóòótọ́.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ti dé. Mo tún àwọn àṣẹ òkè yẹn ṣe kí n tó fèsì. 409 péré ló dé nínú 412.

Mẹ́ta ò sí. Ẹni tó tún un kó ti wá ọ̀nà ẹ̀bùrú: dípò kó pa báìtì orúkọ mọ́ bí a ṣe béèrè, ó bọ́ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ kí wàhálà lè tán. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Nínú fódà kan, a ní `Oko.wav`, `Ọkọ.wav` àti `Ọkọ́.wav`: ọ̀kan fún oko tí a ń ro, ọ̀kan fún ọkọ ìyàwó, ọ̀kan fún ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Nígbà tí àmì bọ́ tán, `Oko.wav` ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Ìkejì dé, ó bo ìkínní mọ́lẹ̀. Ìkẹta dé, ó bo ìkejì. `Igbá.wav` àti `Ìgbà.wav` náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fódà mìíràn. Méjì lọ níbẹ̀, ọ̀kan lọ níhìn-ín. Ká ní orúkọ ni mo fi ń kà ni, mo lè má rí i, torí `Oko.wav` wà níbẹ̀ tó ń wò mí.

Lẹ́tà kejì kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Òǹtẹ̀ mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, àti àlàyé pé lédè Yorùbá àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 7, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10. Ká ní a kò béèrè ìdádúró, ilé àtijọ́ ì bá ti wó ní ọjọ́ kan ṣáájú. Èmi fúnra mi ni mo fi `atijo.txt` dá àmì padà sórí orúkọ 412, mo fi NFC kọ gbogbo wọn.

Wọ́n dá owó oṣù méjì padà. Ní ti àdánù tó kù, wọ́n tọ́ka sí àdéhùn tí a tẹ̀ pé a gbà nígbà tí a ṣí àkáǹtì, èyí tó sọ pé gbèsè wọn kò lè kọjá owó tí a san fún wọn. A ka àdéhùn náà, bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àǹtí ní ká gbà á.

Ohun kan wà tí kò padà. Fáìlì 1,906 tó dé ní àkọ́kọ́ gbé ọjọ́ tí a gbà wọ́n sílẹ̀ wá. Àwọn 412, ọjọ́ tí wọ́n tún wọn kó ló wà lára gbogbo wọn báyìí: ìjálá ọdún 2016 ń sọ pé oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n bí òun. Mo padà sínú ìwé ọjọ́ 3 láti wá ọjọ́ gidi wọn, kò sí níbẹ̀. `hsp` ni mo kọ. Lẹ́tà `t` kan ṣoṣo ni mi ò fi kún un. Àǹtí ti kó àwọn ìwé àjákọ rẹ̀ àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kà wọ́n sí mi létí lálaalẹ́, èmi ń kọ ọjọ́ sí iwájú orúkọ fáìlì ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ti dé Ògbómọ̀ṣọ́.